Ẹ Má Fi DATEDIF Ka Oṣù fún Owó Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin akápò, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò èlé àti iye oṣù tí òṣìṣẹ́ ti lò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fetí sí mi. Bí ẹ bá ní ìwé Excel tó ń lo DATEDIF láti ka iye oṣù tí owó ti lò lọ́wọ́ ẹni tó yá a, ẹ ṣí i lónìí. Ẹ wá gbogbo ìlà tí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 29, 30 tàbí 31. Ibẹ̀ ni ewu wà. Àṣìṣe yìí kì í pariwo. Kò ní kọ `#NUM!` sójú ìwé, kò sì ní sọ fún yín pé nǹkan kan bàjẹ́. Nọ́ńbà tó mọ́ tónítóní ni yóò gbé jáde, nọ́ńbà náà yóò sì fi oṣù kan gbáko dín.

Mo ti fojú ara mi rí ohun tí oṣù kan yìí lè dá sílẹ̀. Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá àwọn yẹ ìwé owó wọn wò, nítorí pé ìjà ti fẹ́ tú wọn ká. Ọjọ́ Àìkú tó bá kẹ́yìn oṣù ni wọ́n máa ń ṣèpàdé, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń yá ara wọn lówó. Oṣù mẹ́fà ni ẹni tó bá yáwó fi ń lò ó. Èlé rẹ̀ jẹ́ náírà kan àti ààbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà lóṣù, oṣù tó bá sì pé nìkan ni wọ́n ń gba èlé lé lórí. Ẹni tó bá yá ₦600,000 yóò san ₦9,000 lóṣù. Bí oṣù mẹ́fà bá pé, èlé náà di ₦54,000.

Ní ọjọ́ Àìkú, 28 Ọ́gọ́ọ̀sì 2022, ìyá kan tó ń ta aṣọ gba ₦600,000. Káfíńtà kan tọrọ iye kan náà níbi ìpàdé yẹn, ṣùgbọ́n onídùúró rẹ̀ kò tètè fọwọ́ sí ìwé. Ó di Ọjọ́rú, 31 Ọ́gọ́ọ̀sì, kí owó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí akọ̀wé tẹ ìwé àdéhùn wọn jáde, ọjọ́ kan náà ló wà nínú ìwé méjèèjì pé owó yóò pé: 28 Fẹ́búárì 2023. Kò sí ẹni tó jiyàn. Oṣù mẹ́fà sí ìparí Ọ́gọ́ọ̀sì ni ìparí Fẹ́búárì, ọmọdé mọ̀ ọ́n.

Àwọn méjèèjì jẹ́ olóòótọ́. Fẹ́búárì ọdún yẹn, náírà tí a ń fọwọ́ kà wọ́n bí ojú káàkiri Nàìjíríà, nítorí náà báńkì ni wọ́n gbà sanwó, ọjọ́ tí wọ́n san án sì wà lákọsílẹ̀: 28 Fẹ́búárì, bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn. Akápò tẹ ọjọ́ náà sínú ìwé Excel. Ní ìlà ìyá aláṣọ, kọ̀ǹpútà kọ oṣù 6, èlé ₦54,000. Ní ìlà káfíńtà, ó kọ oṣù 5, èlé ₦45,000.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló wà láàárín ọjọ́ tí àwọn méjèèjì gba owó, síbẹ̀ ₦9,000 wà láàárín èlé wọn. Ìyá aláṣọ fi ìwé tirẹ̀ wé ti káfíńtà, ọ̀rọ̀ sì di ariwo. Wọ́n ní akápò fi owó ẹgbẹ́ ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Akápò búra pé òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan, pé ẹ̀rọ ló ṣírò rẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n yí ọjọ́ tí káfíńtà sanwó sí 1 Máàṣì. Wọ́n yí i. Oṣù 5 di 6, ₦45,000 di ₦54,000 lójú gbogbo wọn. Ìdánwò yẹn ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá, nítorí ohun tí wọ́n rí ni pé akápò lè yí ọjọ́ kan ṣoṣo kí ₦9,000 sì pòórá. Ẹni tó bá ti fura sí ọ kò ní gbọ́ àlàyé mọ́ lẹ́yìn irú ìyẹn.

Akápò kò jalè. Ohun tó wà nínú àpótí tó ń ka oṣù kò ju èyí lọ:

```
=DATEDIF(A2,B2,"M")
```

Ọjọ́ tí wọ́n yá owó wà nínú `A2`, ọjọ́ tí wọ́n san án wà nínú `B2`, `"M"` sì ni pé kí ó ka oṣù tó pé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àṣẹ yìí ṣe ń ka oṣù, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa rò pé ó ń wo kàlẹ́ńdà bí àwa náà ṣe ń wò ó. Kì í wo kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń wo ọdún àti oṣù nìkan, ó ń ka iye oṣù tó wà láàárín wọn. Láti Ọ́gọ́ọ̀sì 2022 dé Fẹ́búárì 2023 jẹ́ 6. Lẹ́yìn náà ni yóò wá wo nọ́ńbà ọjọ́ méjèèjì. Bí nọ́ńbà ọjọ́ ìparí bá kéré sí nọ́ńbà ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, yóò yọ oṣù kan kúrò, nítorí ó gbà pé oṣù tó kẹ́yìn kò tíì pé. Ti ìyá aláṣọ, 28 àti 28, kò sí ohun tí a ó yọ, 6 dúró. Ti káfíńtà, 28 kéré sí 31, ó yọ ọ̀kan, ó ku 5.

Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá oṣù tí a parí sí ní ọjọ́ 31. Fẹ́búárì kò ní ọjọ́ 31 láéláé, nítorí náà kò sí ọjọ́ kankan nínú Fẹ́búárì tí DATEDIF lè gbà pé oṣù káfíńtà pé. Ì báà sanwó ní òwúrọ̀, ì báà san án ní aago méjìlá òru ku ìṣẹ́jú kan, 5 ni yóò máa rí. Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe 1 Máàṣì, iye oṣù tó wà láàárín di 7. Nọ́ńbà 1 kéré sí 31, ó yọ ọ̀kan, ó ku 6. Ìdí nìyẹn tí oṣù fi fò sókè lójijì nígbà tí wọ́n yí ọjọ́ náà.

Ẹ bá mi fi ọjọ́ kan ṣoṣo wò ó dáadáa, kí ẹ lè rí bí oṣù ṣe ń ṣe ségesège. Ẹ fi 31 Jánúárì 2023 ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa yí ọjọ́ ìparí. Ní 28 Fẹ́búárì, DATEDIF á ní oṣù 0. Ní 1 Máàṣì, á ní 1, á sì dúró síbẹ̀ títí di 30 Máàṣì. Ní 31 Máàṣì, ó di 2. Ní 30 Épírì, tí Épírì ti parí, 2 náà ni. Ní 1 Méè, ó di 3. Ní 31 Méè, ó di 4. Ẹ rí i pé nígbà mìíràn ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ni oṣù ń pé, nígbà mìíràn ó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ fi irú ìkà báyìí gba owó lọ́wọ́ òun, ẹ kò ní rí ọ̀rọ̀ fi ṣàlàyé fún un.

Ewu yìí ní ààlà, ó sì yẹ kí ẹ mọ ààlà náà dájú. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 28 kò sí nínú rẹ̀, nítorí gbogbo oṣù ló ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29, Fẹ́búárì nìkan ló lè dà á láàmú, ní ọdún tí Fẹ́búárì kò bá ní ju ọjọ́ 28 lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30, Fẹ́búárì ọdọọdún ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31, oṣù márùn-ún ni pàkúté rẹ̀ wà lọ́dún: Fẹ́búárì, Épírì, Júùnù, Sẹ̀tẹ́ńbà àti Nòfẹ́ńbà. Bẹ́ẹ̀ ìparí oṣù gan-an ni a ń sanwó oṣù, tí a ń gba èèyàn síṣẹ́, tí a ń pa ìwé dé. Ibi tí ọwọ́ wa ti ń dí jù lọ ni àṣẹ yìí ti ń kùnà.

Kì í sì í ṣe olówó nìkan ló ń fi owó sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì pàkúté náà wà fún ẹni tí kò lágbára. Ẹ mú òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà ní 31 Ọ́gọ́ọ̀sì, tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ní kí wọ́n dán an wò fún oṣù mẹ́fà kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi DATEDIF ṣírò ní 28 Fẹ́búárì, tí wọ́n ń pa ìwé oṣù dé, oṣù 5 ni yóò jáde, orúkọ rẹ̀ kò ní sí lára àwọn tó ti yege. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ọ́fíìsì náà ń ṣe ìṣírò yìí, ó di ìparí Máàṣì kí wọ́n tó tún wò ó. Ó pàdánù odindi oṣù kan, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé ìwé ẹgbẹ́ náà ń bá ara rẹ̀ jà. Ọjọ́ tí owó yóò pé, tí akọ̀wé tẹ̀ sínú àdéhùn, inú Excel kan náà ló ti wá. Òun nìyí:

```
=EDATE(A2,6)
```

EDATE mọ ìparí oṣù. Bí ẹ bá ní kí ó fi oṣù mẹ́fà kún 31 Ọ́gọ́ọ̀sì, á wá ọjọ́ 31 nínú Fẹ́búárì, kò ní rí i, á sì dúró lórí ọjọ́ tó kẹ́yìn, 28 Fẹ́búárì. DATEDIF kò mọ òfin yìí. Nínú ìwé kan ṣoṣo, òpó kan ń sọ pé oṣù mẹ́fà pé ní 28 Fẹ́búárì, òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ pé márùn-ún ló pé. Kóńgò méjì ni wọ́n gbé sínú ṣọ́ọ̀bù kan. Wọ́n fi èyí tó kún wọn ọjà fún oníbàárà nígbà tí wọ́n ń ṣàdéhùn, wọ́n wá fi èyí tí ìdí rẹ̀ ti wọnú wọ̀n ọ́n nígbà ìsanwó. Bí ẹ bá lo EDATE láti dá ọjọ́, tí ẹ sì lo DATEDIF láti ka oṣù, irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń tà.

Ẹ má rò pé èmi nìkan ni mo ń pariwo. Ilé iṣẹ́ Microsoft tó ṣe Excel fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ pé nítorí àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi Lotus 1-2-3 ṣe ni wọ́n ṣe fi DATEDIF sílẹ̀, àti pé ó lè ṣírò gbòdì nígbà mìíràn. Lotus 1-2-3 ni ìwé ìṣírò orí kọ̀ǹpútà tó gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1980, kí Excel tó gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tẹ `=DATE` sínú àpótí kan, kí ẹ wo orúkọ tí Excel yóò fi hàn yín nísàlẹ̀. Ẹ kò ní rí DATEDIF láàárín wọn. Ẹni tó bá ń lò ó, ẹlòmíràn ló kọ́ ọ, tàbí ó bá a nínú ìwé tó jogún. Ẹni tó kọ́ ọ kì í sábà sọ ti ọjọ́ 31.

Èyí tí mo ti sọ yìí ṣì fúyẹ́. Èyí tó burú jù ni `"MD"`. Ọ̀pọ̀ ló ń lò ó láti mọ iye ọjọ́ tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí oṣù bá ti pé, kí wọ́n lè kọ ọ́ pé ẹnì kan ti lo oṣù mélòó àti ọjọ́ mélòó. Ẹ fi 31 Jánúárì 2023 sínú `A2`, ẹ fi 1 Máàṣì 2023 sínú `B2`, kí ẹ tẹ èyí:

```
=DATEDIF(A2,B2,"MD")
```

Ohun tí yóò jáde ni -2. Ọjọ́ tó dín ní òdo! Ìwé yóò kà pé oṣù kan àti ọjọ́ -2. Ìdí rẹ̀ nìyí. Excel á mú nọ́ńbà ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, 31, á lọ gbé e sínú oṣù tó ṣáájú oṣù ìparí, tí í ṣe Fẹ́búárì. Kò sí 31 Fẹ́búárì, nítorí náà á ṣàn kọjá, á di 3 Máàṣì. Á wá ka ọjọ́ láti 3 Máàṣì dé 1 Máàṣì. Ẹ̀yìn ló ń rìn sí, ó sì rin ọjọ́ méjì.

Ẹni tó bá rí -2 ṣoríire, nítorí ojú rẹ̀ á là. Ẹni tí mo ń bẹ̀rù fún ni ẹni tí ọjọ́ ìparí rẹ̀ jẹ́ 3 Máàṣì. Òdo ni tirẹ̀ yóò jáde: oṣù kan, ọjọ́ 0. Ó dára lójú, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Bẹ́ẹ̀ bí a bá gbà pé oṣù náà pé ní 28 Fẹ́búárì, ọjọ́ mẹ́ta ló yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú sí àwọn tó ń fi `MAX` bo `"MD"` mọ́lẹ̀ kí nọ́ńbà tó dín ní òdo má baà hàn. Wọn kò wo egbò náà sàn, aṣọ ni wọ́n dá bò ó. Ẹ má ṣe é. Microsoft náà kọ ọ́ pé àwọn kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lo `"MD"`. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ìwé yín, láìku ẹyọ kan.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ lọ wo ìwé àdéhùn yín. Ẹ̀rọ kò lè bá yín pinnu ìgbà tí oṣù pé. Ẹ̀yin ni ẹ ó pinnu, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí owó tó jáde. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ní lọ́kàn, láìkọ ọ́, ni pé bí oṣù tó yẹ kí owó pé kò bá ní irú ọjọ́ tí a yá a, ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù náà ni yóò pé. Bí ó bá jẹ́ pé òfin yín nìyẹn, fọ́múlà tó bá a mu nìyí, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú `C2`:

```
=DATEDIF(A2,B2,"M")+(EDATE(A2,DATEDIF(A2,B2,"M")+1)<=B2)
```

Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe kò le. Ó jẹ́ kí DATEDIF ka oṣù tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi oṣù kan lé e, ó bi EDATE léèrè ọjọ́ tí oṣù yẹn yóò pé. Bí ọjọ́ náà bá ti pé tàbí tó ti kọjá, ìdáhùn jẹ́ `TRUE`, `TRUE` sì jẹ́ 1 nígbà tí a bá rò ó pọ̀ mọ́ nọ́ńbà. Bí kò bá tíì pé, `FALSE` ni, òdo ni a ó rò mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká fi ti káfíńtà dán an wò. DATEDIF ní 5. Oṣù kẹfà, EDATE ní 28 Fẹ́búárì 2023. Ó sanwó ní 28 Fẹ́búárì, nítorí náà ó ti pé, 5 di 6, èlé sì di ₦54,000. Bí ó bá jẹ́ pé ó san án ní 27 Fẹ́búárì, kò tíì pé, 5 ni yóò dúró lé, bí ó ṣe yẹ. Ti ìyá aláṣọ kò yí padà, 6 ni.

Bí ẹ bá tún fẹ́ mọ iye ọjọ́ tó lé sórí oṣù, èyí ni kí ẹ fi rọ́pò `"MD"`:

```
=B2-EDATE(A2,C2)
```

Pẹ̀lú 31 Jánúárì 2023 àti 1 Máàṣì 2023, `C2` yóò jẹ́ 1. EDATE yóò dé 28 Fẹ́búárì, ọjọ́ kan ni yóò sì lé, kì í ṣe -2. Bí àpótí náà bá fi ọjọ́ kàlẹ́ńdà hàn yín dípò nọ́ńbà, ẹ yí i sí `General`.

Fọ́múlà yìí náà ní ibi tó parí sí, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín. Òfin EDATE ló ń tẹ̀ lé. Lójú EDATE, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 28 Fẹ́búárì, ọjọ́ 28 oṣù yòókù ni oṣù rẹ̀ ń pé, kì í ṣe ọjọ́ 30 tàbí 31. Bí àdéhùn yín bá sọ pé ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù ni owó ń pé nígbà gbogbo, òfin mìíràn nìyẹn. EOMONTH ni ẹ ó fi dá ọjọ́, kì í ṣe EDATE. Láti 28 Fẹ́búárì 2023, `=EOMONTH(A2,1)` yóò fún yín ní 31 Máàṣì, nígbà tí `=EDATE(A2,1)` yóò fún yín ní 28 Máàṣì. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni ẹ ó mú. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ nínú ìwé kan.

Mo tún bá ọ̀fìn kan nínú ìwé ẹgbẹ́ yẹn, mo sì mọ̀ pé ó wà nínú ti ọ̀pọ̀ yín. Nígbà tí wọ́n ń to ọjọ́ tí káfíńtà yóò máa wá sọ bí nǹkan ṣe ń lọ lóṣooṣù, orí ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ń gbé EDATE lé. 31 Ọ́gọ́ọ̀sì bí 30 Sẹ̀tẹ́ńbà, èyí dára. Ṣùgbọ́n 30 Sẹ̀tẹ́ńbà wá bí 30 Ọtóbà, 30 Ọtóbà bí 30 Nòfẹ́ńbà, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí tó fi dé 28 Fẹ́búárì. Bí gbèsè náà bá kọjá Fẹ́búárì, ọjọ́ 28 ni yóò máa jẹ́ títí láé. Ọjọ́ tó bá ti já bọ́ kì í gòkè mọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni kí ẹ máa ṣírò láti orí rẹ̀:

```
=EDATE($A$2,1)
=EDATE($A$2,2)
```

Báyìí ni 31 Ọ́gọ́ọ̀sì yóò fi fún yín ní 30 Sẹ̀tẹ́ńbà, 31 Ọtóbà, 30 Nòfẹ́ńbà, 31 Dìsẹ́ńbà, 31 Jánúárì, kí ó tó dé 28 Fẹ́búárì.

Èyí tó kù ni àwọn ìlà tó ti bàjẹ́ sẹ́yìn. Ẹ kò ní láti máa fi ojú wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí òpó tuntun, kí ẹ tẹ èyí sí i, kí ẹ sì fà á wá sílẹ̀ dé ìparí ìwé:

```
=AND(DAY(A2)>DAY(B2),B2=EOMONTH(B2,0))
```

Ó ń béèrè ohun méjì: ṣé nọ́ńbà ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ju ti ìparí lọ, ṣé ọjọ́ ìparí náà sì ni ó kẹ́yìn oṣù rẹ̀? Ibi tí méjèèjì bá ti jẹ́ òótọ́, `TRUE` yóò jáde. Bí òfin yín bá jẹ́ irú ti ẹgbẹ́ yẹn, gbogbo ìlà tó bá kọ `TRUE` ni DATEDIF ti jẹ oṣù kan mọ́ yín lọ́wọ́, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn wọn. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti iye owó, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ìpàdé kí ẹlòmíràn tó bá yín rí wọn.

Bí ẹgbẹ́ yẹn ṣe parí ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn. Nígbà tí mo fa fọ́múlà náà sílẹ̀ nínú ìwé wọn, ìlà mẹ́rin ló kọ `TRUE`. Ti káfíńtà jẹ́ ọ̀kan. Nínú àwọn mẹ́ta yòókù, orúkọ méjì wà tí akápò kò bá ṣọ̀rẹ́ rárá, ọ̀kan sì jẹ́ ti àbúrò ìyá aláṣọ fúnra rẹ̀. Wọ́n kà wọ́n sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn Máàṣì. Káfíńtà san ₦9,000 tó kù níbẹ̀. Ìyá aláṣọ dìde, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ akápò. Akápò gbà, ṣùgbọ́n ó gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lé orí tábìlì, ó ní òun kò ṣe mọ́. Oṣù kan tí àṣẹ kékeré kan yọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni ló gba olóòótọ́ kúrò lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ tẹ 31 Ọ́gọ́ọ̀sì 2022 àti 28 Fẹ́búárì 2023 sínú ìwé tí ẹ ń lò. Bí ó bá fún yín ní 5, tí àdéhùn yín sì sọ pé 6 ni, ẹ má gba kọ́bọ̀, ẹ má san kọ́bọ̀ lórí ìwé náà títí ẹ ó fi tún un ṣe.